Fíìmù kan àbí síríìsì ẹpisóòdù mẹ́fà? Bí ẹ ṣe lè yan èyí tó máa bá alẹ́ mẹ́ta yín mu

Àbúrò mi obìnrin kan ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan lójú ọ̀nà Ọba Adésidà, ní Àkúrẹ́ níbí. Oǹdó ni màmá rẹ̀ ń gbé. Ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó ò jìn, bí wákàtí kan ni tí mọ́tò bá kún kíá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò jẹ́ kó máa lọ bó ṣe wù ú. Tó bá ti lọ, alẹ́ mẹ́ta péré ló máa ń ní pẹ̀lú màmá: Jímọ̀, Sátidé àti Sọ́ńdè. Kí ilẹ̀ Mọ́ńdè tó mọ́ dáadáa, ó ti gbọ́dọ̀ wà ní gáréèjì.

Ohun tí àwọn méjèèjì fẹ́ràn láti jọ ṣe ni kí wọ́n wo eré. Lọ́jọ́ Àjíǹde, ó gbé síríìsì kan lọ bá màmá, ìyẹn Aníkúlápó: Rise of the Spectre, ẹpisóòdù mẹ́fà. Wọ́n wo mẹ́ta, ọjọ́ tán, ó padà sí Àkúrẹ́. Màmá ò ní Netflix lórí fóònù tiẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà tó bá pè é, lẹ́yìn “ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé o ti jẹun,” ìbéèrè tó kàn ni: “Ọmọkùnrin yẹn ńkọ́? Níbo ni wọ́n wá bá a dé?” Ó kọ́kọ́ pa wá lẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọmọ, torí ó rí i pé òun ti gbé ìtàn tí kò lórí tí kò nídìí kalẹ̀ fún ìyá òun.

Nígbà tó tún fẹ́ lọ, ó pè mí. “Bọ̀ọ̀dá, fíìmù ni kí n gbé lọ lọ́tẹ̀ yìí àbí síríìsì? Mi ò fẹ́ kí màmá mi tún máa bi mí léèrè títí di oṣù tó ń bọ̀ o.”

A jókòó, a ṣírò ó. Ìṣirò yẹn ni mo fẹ́ kọ síbí, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló wà nínú irú ipò yẹn: alẹ́ díẹ̀, eré tó pọ̀, àti ẹni tí ẹ fẹ́ jọ wò ó.

Kí ni síríìsì oníwọ̀n gan-an?

Fíìmù, gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Ìtàn kan, ìjókòó kan, ó parí. Síríìsì tí à ń sọ níbí kì í ṣe irú èyí tó ń lọ láti sísìn kan sí òmíràn fún ọdún mẹ́wàá. Èyí tó ní iye ni: wọ́n ti sọ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹpisóòdù mẹ́rin ni, tàbí mẹ́fà, tàbí méje, àti pé ìtàn kan ni wọ́n fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ sọ. Blood Sisters tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 jẹ́ ẹpisóòdù mẹ́rin. King of Boys: The Return of the King tí Kẹ́mi Adétiba ṣe, tó jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, jẹ́ méje. Seven Doors ti Fẹ́mi Adébáyọ̀, tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, jẹ́ mẹ́fà.

Ìdí tó fi ń ṣòro láti yan ni pé àwọn òṣèré wa ti ń sọ ìtàn kan náà lọ́nà méjèèjì báyìí. King of Boys kọ́kọ́ jẹ́ fíìmù tí àwọn èèyàn wò ní sinimá lọ́dún 2018, kó tó wá di síríìsì. Òlòtūré jẹ́ fíìmù, lẹ́yìn náà ni Òlòtūré: The Journey tẹ̀ lé e lọ́dún 2024 pẹ̀lú ẹpisóòdù mẹ́ta. Aníkúlápó tí Kúnlé Afọ́láyan ṣe náà nìyẹn. Fíìmù rẹ̀ jáde ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, síríìsì rẹ̀ dé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2024.

Kì í kúkú ṣe ohun tuntun pátápátá láàárín wa. Ẹ bi àwọn òbí yín léèrè nípa Àrélù àti Fọ́pomóyọ̀ tí olóògbé Jímọ̀ Àlíù ṣe. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni tẹlifíṣàn ń gbé e, ẹni tí kò bá sí nílé lọ́jọ́ náà ti pàdánù nìyẹn. Nígbà tí fíìmù inú kásẹ́ẹ̀tì dé, Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ti Túndé Kèlání jáde ní apá mẹ́ta. Ohun tó yàtọ̀ ni pé nígbà yẹn, ẹlòmíràn ló ń pín àsìkò náà fún yín. Lónìí, ọwọ́ yín ló wà, ẹ̀yin náà lẹ sì máa jìyà rẹ̀ tí ẹ bá pín in lódì.

Ẹ kọ́kọ́ ka wákàtí alẹ́ yín, ẹ má ka ọjọ́

Àṣìṣe tí àbúrò mi ṣe lọ́jọ́ Àjíǹde ni pé ọjọ́ ló kà. “Ọjọ́ mẹ́ta, ẹpisóòdù mẹ́fà, méjì lójúmọ́, ó ti parí.” Lórí ìwé, ó dára. Ṣùgbọ́n alẹ́ kì í ṣe ọjọ́. Alẹ́ tí èèyàn lè fi wo eré ni àsìkò tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹun, tí wọ́n ti fọ abọ́, tí àlejò ti lọ, kí oorun tó dé.

Mo ní kó sọ bí òpin ọ̀sẹ̀ yẹn ṣe lọ gan-an. Ní Jímọ̀, agogo méje ló wọ Oǹdó. Ó kí màmá, ó jẹun, agogo mẹ́jọ àbọ̀ ni wọ́n jókòó sídìí eré. Agogo mẹ́wàá àbọ̀, màmá ti ń tòògbé. Wákàtí méjì nìyẹn. Ní Sátidé, òde kan wà ládùúgbò. Wọ́n dé ní ìrọ̀lẹ́, ó ti rẹ màmá, wákàtí kan ni wọ́n rí lò. Ní Sọ́ńdè, wọ́n lè rí wákàtí méjì tí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀, torí ọmọ máa jí ní kùtùkùtù.

Ẹ ṣírò ó: méjì, kan, méjì. Wákàtí márùn-ún ni gbogbo rẹ̀. Síríìsì tó gbé lọ, ẹpisóòdù mẹ́fà, ẹpisóòdù kọ̀ọ̀kan ń lọ sí bíi wákàtí kan. Mẹ́fà kò lè wọ inú márùn-ún. Kò sí bó ṣe fẹ́ ṣe é tó máa parí. Wọ́n ti pàdánù eré náà kí wọ́n tó tan fóònù.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Ní alẹ́ Sọ́ńdè yẹn, iná lọ ní agogo mẹ́jọ, kò padà dé. Bátìrì fóònù ò tó nǹkan. Wákàtí méjì lọ báyẹn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dúró sórí ẹpisóòdù kẹta: méjì ní Jímọ̀, ọ̀kan ní Sátidé, òfo ní Sọ́ńdè.

Nítorí náà, òfin àkọ́kọ́ tí mo fún un rèé: kí ó ka wákàtí gbogbo alẹ́, kó wá yọ alẹ́ kan tó gùn jù kúrò nínú rẹ̀, bí ẹni pé kò sí. Èyí tó ṣẹ́ kù ni owó tó wà lọ́wọ́ ẹ gan-an. Nínú wákàtí márùn-ún, tí a bá yọ méjì, ó ku mẹ́ta. Eré tó bá wọ inú wákàtí mẹ́ta ni kó gbé lọ Oǹdó. Tí alẹ́ tó yọ kò bá bàjẹ́, èrè ni. Ẹ fi tàkúrọ̀sọ.

Ẹnì kan lè sọ pé ìyẹn ti le jù. Kò le jù. Fíìmù tí ẹ ò rí parí lálẹ́ kan, ẹ lè parí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n síríìsì tó bá ku ẹpisóòdù méjì nígbà tí ẹ̀ ń wọ mọ́tò padà sí Àkúrẹ́, ẹ ò mọ ìgbà tí ẹ máa tún jọ jókòó.

Ẹ wá ka wákàtí eré náà, pẹ̀lú ohun tó fara pamọ́ sínú rẹ̀

Fíìmù Aníkúlápó gba ìṣẹ́jú méjìlélógóje, ìyẹn wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú méjìlélógún. King of Boys àkọ́kọ́ gùn ju ìyẹn lọ, ó sún mọ́ wákàtí mẹ́ta. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe gbogbo fíìmù ló máa wọ inú alẹ́ kan tó jẹ́ wákàtí méjì. Àwọn èèyàn máa ń rò pé fíìmù kúrú, síríìsì gùn. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Lálẹ́ kan ṣoṣo, ẹpisóòdù kan ló kúrú, fíìmù ló gùn.

Ní ti síríìsì, ẹ má wo iye ẹpisóòdù nìkan. Ẹ ṣí orúkọ eré náà lórí fóònù, ẹ wo ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sí abẹ́ ẹpisóòdù kọ̀ọ̀kan, ẹ ro ó pọ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan péré ni. Ẹpisóòdù mẹ́fà ti eré kan lè jẹ́ wákàtí mẹ́rin, mẹ́fà ti òmíràn lè kọjá mẹ́fà.

Ohun tó fara pamọ́ jù ni eré tó ṣáájú. Rise of the Spectre kì í ṣe ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ibi tí fíìmù parí sí ló ti gbéra. Nínú fíìmù, Saro jẹ́ aláṣọ òkè tó wá wá ọ̀nà àtijẹ ní Ọ̀yọ́, ọ̀rọ̀ obìnrin ààfin kó bá a, wọ́n pa á, ẹyẹ Àkàlà jí i dìde, agbára àjíǹde sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Nínú síríìsì, wọ́n ní kó lọ dá àwọn ẹ̀mí tó jí padà síbi tí wọ́n ti wá. Ẹni tí kò wo fíìmù ò mọ ẹni tí ó jí, kò mọ ìdí tó fi jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kò mọ ohun tí Arólákẹ́ ṣe fún un. Torí náà, fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, iye wákàtí síríìsì yẹn kì í ṣe mẹ́fà. Mẹ́fà àti fíìmù ni, ìyẹn ju wákàtí mẹ́jọ lọ.

Ohun tó ṣe màmá ní Oǹdó nìyẹn. Láti ẹpisóòdù àkọ́kọ́ ló ti ń béèrè pé “ta ni ọmọ yìí, kí ló ṣe?” Ọmọ ń dá eré dúró láti ṣàlàyé. Àlàyé yẹn náà jẹ nínú wákàtí wọn.

Ẹ fi Òlòtūré wé e. Ní òpin fíìmù náà, akọ̀ròyìn obìnrin tó fi ara rẹ̀ pamọ́ sáàárín àwọn aṣẹ́wó ti wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn kọjá ibodè. Síríìsì gbé e láti ibẹ̀. Ó nílò fíìmù bákan náà, ṣùgbọ́n fíìmù yẹn ò tó wákàtí méjì, síríìsì rẹ̀ sì jẹ́ ẹpisóòdù mẹ́ta. Ẹni tó ní alẹ́ mẹ́ta lè wo fíìmù lálẹ́ àkọ́kọ́, kó fi èyí tó ṣẹ́ kù wo síríìsì. Ìtàn méjèèjì á parí. Ohun kan ni pé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ wúwo, àwọn ìran kan sì wà tí ẹ ò ní fẹ́ jókòó ti ìyá yín wò.

Ohun tí fíìmù ń ṣe, àti ohun tí síríìsì ń ṣe

Ká ní wákàtí tó. Ìbéèrè tó kàn ni irú ìtàn wo ni ẹ fẹ́.

Fíìmù máa ń di ìbéèrè kan mú. Nínú Aníkúlápó, ìbéèrè náà ni: kí ni ẹni tí kò ní nǹkan kan máa ṣe tí agbára tí kì í ṣe tiẹ̀ bá bọ́ sí i lọ́wọ́? Gbogbo ìran inú rẹ̀, ibẹ̀ ló ń lọ. Nígbà tí ẹ bá dé òpin, ẹ ti gba ìdáhùn, ẹ lè jókòó kí ẹ máa jiyàn lórí rẹ̀. Ìyẹn ló dára fún ẹ̀yin méjì tí ẹ ò ní rí ara yín títí oṣù tó ń bọ̀.

Síríìsì máa ń di ọ̀pọ̀ èèyàn mú. Ó ní àyè láti kúrò lọ́dọ̀ ẹnì kan, kó lọ wo ààfin, kó lọ wo ilé ìjòyè, kó lọ sí ìlú mìíràn, kó tó padà. Nínú Rise of the Spectre, ẹ lè wà fún ìgbà pípẹ́ láìrí Saro. Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìlú kan ṣe ń ṣiṣẹ́, tàbí bí ìdílé kan ṣe ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, àyè yẹn wúlò. Ṣùgbọ́n ó gbà kí ẹ rántí orúkọ. Tí ọjọ́ bá pọ̀ láàárín alẹ́ kan sí èkejì, orúkọ á pòórá.

Èmi ò kí ń jẹ́ kó ju ọjọ́ mẹ́ta lọ láàárín ẹpisóòdù méjì. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó bá ara yín tí ẹ̀ ń bi ara yín pé “ta tún ni bàbá yìí?” Torí náà, ẹni tí alẹ́ rẹ̀ fọ́n káàkiri, bíi Túsìdeè ọ̀sẹ̀ yìí, Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, fíìmù ni kó mú, àní tó bá ní alẹ́ mẹ́wàá. Ẹni tí alẹ́ rẹ̀ tẹ̀ léra ló lè dán síríìsì wò.

Ohun mìíràn tún wà tí àwa ọ̀dọ́ kì í rò: ta ló ń wò ó pẹ̀lú yín? Fíìmù fẹ́ kí ẹni náà wà lálẹ́ kan. Síríìsì fẹ́ kí ẹni kan náà wà ní gbogbo alẹ́. Tí ẹnì kan bá lọ ìsọjí ní Sátidé, yálà ẹ dúró dè é, tàbí ẹ ṣáájú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ìjà tiẹ̀. Ẹ sì wo èdè. Blood Sisters dùn, ẹpisóòdù mẹ́rin péré, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ojú màmá kò fi bẹ́ẹ̀ gbé àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń kọ sí ìsàlẹ̀ mọ́. Yorùbá ni wọ́n ń sọ jù nínú Aníkúlápó, ó lè máa gbọ́ ọ bí kò tilẹ̀ wo ojú fóònù.

Dátà ńkọ́?

Ká má parọ́, ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti máa ń pinnu. Nínú áàpù Netflix lórí fóònù, ẹ lọ sí App Settings, ẹ ó rí Cellular Data Usage. Tí ẹ bá fi sí Save Data, gíìgì kan máa gbé yín tó bíi wákàtí mẹ́fà. Tí ẹ bá fi sí Maximize Data, gíìgì kan lè tán láàárín ogún ìṣẹ́jú.

Ẹ lò ó fún eré méjèèjì. Pẹ̀lú Save Data, fíìmù Aníkúlápó kò ní jẹ tó ìdajì gíìgì, síríìsì ẹpisóòdù mẹ́fà máa jẹ nǹkan bíi gíìgì kan. Pẹ̀lú Maximize Data, fíìmù lè jẹ gíìgì méje, síríìsì lè jẹ méjìdínlógún. Lójú fóònù kékeré, àwòrán Save Data tó fún eré tí ọ̀rọ̀ ẹnu ló gbé e. Tí ẹ bá fẹ́ fi hàn lórí tẹlifíṣàn ńlá, ibẹ̀ ni fíìmù ti máa ń fi owó borí síríìsì.

Ohun tó dára jù ni kí ẹ gbà á sórí fóònù níbi tí wáìfáì wà kí ẹ tó kúrò ní Àkúrẹ́. Àmì Download wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíìmù tàbí ẹpisóòdù kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣọ́ra fún ohun méjì. Àkọ́kọ́, àwọn eré kan máa ń ní gbèdéke: tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ láti wò, ó lè jẹ́ ọjọ́ méjì péré ló máa fi wà kó tó ní kí ẹ tún un gbà. Ẹ má ṣe “dán an wò díẹ̀” ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè kó wá kọ̀ fún yín ní Sátidé. Ìkejì, ẹ ṣí i kí ẹ tó wọ mọ́tò, kí ẹ pa dátà, kí ẹ rí i pé eré náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ti rí ẹni tó gba ẹpisóòdù kejì sí ìkẹfà tó gbàgbé àkọ́kọ́.

Ìwọ̀ tó wà ní òpin ẹpisóòdù

Ẹni tó yan síríìsì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé wọ́n fi ìwọ̀ sí òpin ẹpisóòdù kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ti fẹ́ dìde, ìlẹ̀kùn ṣí, ẹnì kan wọlé, dúdú bo ojú fóònù. Kí ẹ tó ronú, èyí tó kàn ti bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Agogo méjìlá òru, ẹ ṣì wà níbẹ̀, iṣẹ́ sì wà lọ́la.

Ọ̀nà méjì ni mo mọ̀. Ọ̀kan ni kí ẹ lọ sínú ètò orúkọ yín lórí Netflix, níbi Playback settings, kí ẹ yọ àmì kúrò níwájú Autoplay next episode in a series on all devices. Eré á dúró títí ẹ máa fi tẹ̀ ẹ́ fúnra yín. Èkejì ni kí ẹ má dúró sí òpin ẹpisóòdù rárá. Ẹ wọ inú èyí tó kàn fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń tú ìwọ̀ náà, tí ọkàn á balẹ̀, tí ẹ lè sùn. Tí ẹ bá ṣe èyí, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà kún ìṣirò yín.

Fíìmù náà ní ibi tó ṣeé gé sí. Ẹ má gé e níbi tí oorun bá ti gbé yín, torí ẹ ò ní rántí ibi tí ẹ dé. Ẹ wá ibi tí ìgbésí ayé ẹni náà ti yí padà: ó kúrò nílùú kan, ó kú, ó jọba, ó sá. Nínú Aníkúlápó, ibi tí Àkàlà ti jí Saro ni. Ohun tó wà ṣáájú rẹ̀ jẹ́ ti ààfin Ọ̀yọ́, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ayé tuntun. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ lálẹ́ Jímọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ní Sọ́ńdè bí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn tuntun.

Ohun tí àbúrò mi mú lọ

Ohun mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀. Ó lè parí ẹpisóòdù mẹ́ta tó ṣẹ́ kù, bíi wákàtí mẹ́ta. Ó lè mú Blood Sisters. Ó lè mú fíìmù Aníkúlápó, wákàtí méjì àti díẹ̀.

Èyí tó kọ́kọ́ wù ú ni kó parí síríìsì, kí màmá lè sinmi ìbéèrè. Ó wọ inú wákàtí mẹ́ta lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ó ṣe wọ̀ ọ́ gẹ́lẹ́ náà ni, kò sí àyè kankan. Oṣù mélòó kan sì ti kọjá. Màmá rántí “ọmọkùnrin yẹn”, kò rántí ẹlòmíràn. Wọ́n á tún ní láti padà wo ẹpisóòdù kẹta, ó ti di mẹ́rin. Blood Sisters kò bá etí màmá mu. Fíìmù ló kù. Ó kúrú ju wákàtí mẹ́ta lọ, ó parí ara rẹ̀, òun ló sì máa dáhùn ohun tí màmá ń béèrè gan-an láti ìbẹ̀rẹ̀: ta ni ọmọ yìí, kí ló ṣe?

Ó gbà á sórí fóònù ní Tọ́sìdeè, ó ṣí i wò láìsí dátà, ó gba bátìrì ìṣàjọ iná dání. Ní Jímọ̀, agogo mẹ́jọ kọjá díẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dúró sí ibi Àkàlà. Ní Sátidé, àwọn ẹbí kan ya wọlé láìròtẹ́lẹ̀, wọn ò tilẹ̀ fọwọ́ kan fóònù, kò sì dun ẹnikẹ́ni, torí alẹ́ kan ti wà nínú ìṣirò tó máa ṣòfò. Ní Sọ́ńdè, agogo mẹ́jọ, wọ́n parí rẹ̀. Agogo mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀, ọmọ ti ń di báàgì.

Ó ní màmá dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn tó parí. Lẹ́yìn náà ló sọ pé: “Ó yẹ kó ti mọ̀. Obìnrin yẹn kìlọ̀ fún un.” Wọ́n jiyàn títí wọ́n fi sùn.

Ẹpisóòdù mẹ́ta tó ṣẹ́ kù ṣì wà níbẹ̀. Ó fẹ́ gbé gbogbo mẹ́fà padà lọ ní Kérésì, nígbà tí alẹ́ á tó márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí wọ́n á tẹ̀ léra, tí kò sí ẹni tó máa sáré lọ gáréèjì. Mo ní kó ka wákàtí rẹ̀ kó tó lọ. Ó ní òun ti kà á.